Ṣé gbólóhùn gidi ni àkọlé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní “the”, tí kò ní “is”? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Tíṣà Òṣogbo
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2. Mo ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé, ọmọ kan sì kọ ọ́ sínú tiẹ̀ pé “Governor to visit school on Friday.” Mo fi bírò pupa yí i ká. Ọmọ náà ò jà rárá. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó gbé ìwé ìròyìn bàbá ẹ̀ wá, ó fi àkọlé ojú ewé kìíní hàn mí, bákan náà ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Ó ní, “Mà, ṣé àwọn yìí náà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni?” Gbogbo kíláàsì ń wo ẹnu mi. Mo ní ti ìwé ìròyìn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìdí ẹ̀ ló ń wá, ó sì yẹ kí n rí i fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá irú ẹ̀ pàdé, níbi iṣẹ́ tàbí nílé-ìwé, kí lẹ rí?

Kúnlé Àkúrẹ́
Kò pé. Ohun tí kò bá pé, kò pé náà ni.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbé ọ̀rọ̀ àwọn oníròyìn yìí wá, nítorí irọ́ inú àkọlé wọn ti pọ̀ jù. Mo rí i lórí fóònù pé “Petrol price to drop”, mo bá dúró, mi ò ra epo sí jẹnẹrétọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ilẹ̀ mọ́, mo dé ilé epo, iye tí wọ́n ń tà á tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣì ń tà á. Ẹja inú fíríìsà mi ti yọ́. Ta ni máa bá sọ̀rọ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà
Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí Tíṣà ń bèèrè nìyẹn.

Adéwálé
Ó sún mọ́ ohun tí wọ́n ń bèèrè ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Mà, àkọlé yẹn ò purọ́. Nínú àkọlé Gẹ̀ẹ́sì, “to” yẹn ló ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà ṣì ń bọ̀. “Is” tó yẹ kó wà níwájú ẹ̀ ni wọ́n yọ. Ohun tí àkọlé yín wí ni pé owó epo máa wálẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ká ní ó ti wálẹ̀ ni, “Petrol price drops” ni wọ́n máa kọ. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe yí i: ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tán, wọ́n á kọ ọ́ bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, ohun tó ń bọ̀, wọ́n á fi “to” sí i. Ìlànà ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á kà á sódì.

Ìyá Ìbejì
Ẹja mi ti yọ́ náà ni.

Alàgbà Sọ́bù
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, nítorí iṣẹ́ tí mo fi jẹun nìyí, l'Ékòó, kó tó di pé kọ̀ǹpútà gba gbogbo ẹ̀. Èmi ni mo máa ń fún ìròyìn lákọlé. Ẹnikẹ́ni ò jókòó pé òun fẹ́ ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ o. Àyè ni kò sí. Tí ìròyìn bá wà nínú òpó kan ṣoṣo, tí lẹ́tà àkọlé sì tóbi, o lè má ní ju àyè 16 lọ lórí ìlà kan. Kíkà là ń kà á. Lẹ́tà kékeré, ọ̀kan. Àmọ́ i, l, t, f àti j, ìdajì ìdajì, nítorí wọ́n tín-ínrín. m àti w, ọ̀kan àbọ̀. Lẹ́tà ńlá, ọ̀kan àbọ̀. Àlàfo àárín ọ̀rọ̀, ìdajì. Bí a ṣe ń kà á níbi tí mo wà nìyẹn, ibòmíì lè yí i díẹ̀.

Ẹ wá kà á pẹ̀lú mi. “The police have arrested two”: The jẹ́ mẹ́ta àbọ̀, police márùn-ún, have mẹ́rin, arrested méje àbọ̀, two mẹ́ta. Ẹ fi àlàfo mẹ́rin kún un, ó di 25. Kò wọlé. Ẹ yọ “the” àti “have”, ẹ dá ọ̀rọ̀-ìṣe padà sí arrest: “Police arrest two”. Police pẹ̀lú P ńlá, márùn-ún àbọ̀, arrest márùn-ún àbọ̀, two mẹ́ta, àlàfo méjì. 15 géérégé. Ó wọlé, àyè kan sì ṣẹ́ kù. Kò sẹ́ni tó ka àkọlé yẹn tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Kúnlé Àkúrẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ sà. Àmọ́ ẹ ti ràn mí lọ́wọ́. Àyè ló fà á, kì í ṣe gírámà. Ẹni tí bàtà ò bá gbà ẹsẹ̀ ẹ̀, tó wá ká ìka ẹsẹ̀ kò, a ò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá ẹsẹ̀ ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Mánṣẹ́sítà
Kúnlé o 😂

Èmi ò kọ àkọlé rí, àmọ́ irú Gẹ̀ẹ́sì yìí ni mò ń kọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Nínú ìwé aláìsàn: “Slept well. Denies pain. Seen by doctor.” Kò sí “she”, kò sí “was”. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibí, mo máa ń kọ gbogbo ẹ̀ tán pátápátá bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé. Ọ̀gá mi pè mí, ó ní kí n gé e kúrú, pé ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi láago méje alẹ́ ò ní àsìkò. Àyè ò há níbẹ̀ o, orí kọ̀ǹpútà ni. Nítorí náà, kì í ṣe àyè nìkan ló ń fà á, Bàbá.

Ṣùgbọ́n mo ti rí i tó dá wàhálà sílẹ̀. Ẹnì kan kọ ọ́ pé “Daughter called.” Ṣé ọmọ ló pè wá ni, àbí àwa la pè é? Àwa tó wọṣẹ́ lálẹ́ rò pé wọ́n ti fi tó ọmọ náà létí. Kò sẹ́ni tó pè é.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà
Háà. “Was” kékeré yẹn ni ì bá gbà wọ́n.

Alàgbà Sọ́bù
Òun gan-an ni ẹ̀rù ẹ̀ máa ń bà wá. “Policeman shot in Ikeja”: ṣé ó yìnbọn ni àbí wọ́n yìnbọn fún un? Tí ọ̀rọ̀-ìṣe bá jẹ́ irú èyí tí “ó ṣe é” àti “wọ́n ṣe é sí i” lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, bíi shot, hit tàbí cut, ó yẹ kí èèyàn kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó jọ̀wọ́ ẹ̀.

Wọ́n ń pa ìtàn ọ̀kan láàárín àwa tá à ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ọdún 2009 ni: “Violinist linked to JAL crash blossoms”. Ọmọbìnrin kan tó ń ta gòjé ni, bàbá ẹ̀ wà lára àwọn 520 tó kú nínú bàálù Japan Airlines tó já ní 1985. Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ ni pé iṣẹ́ orin ọmọ náà ti ń rú wẹ́gẹ́wẹ́gẹ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ti yọ “who is” kúrò níwájú linked, ojú òǹkàwé á gbà á sí ọ̀rọ̀-ìṣe gidi, á kà á dé ìparí, blossoms á wá dà bí òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní òdòdó ìjàǹbá. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe gbogbo àkọlé tó bá ṣini lọ́nà báyìí ní crash blossoms.

Adéwálé
Kúnlé, mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ yín. Mo gbà pé àyè ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àyè nìkan ni, a jẹ́ pé ohunkóhun tó bá gé e kúrú ni wọ́n á gbà. Ẹ ka mẹ́ta yìí sókè:

Man bites dog
Man bites a dog
A man bites dog

Àkọ́kọ́ dáa. Ìkejì kò burú. Ìkẹta ni etí àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe èdè abínibí máa ń kọ̀, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà ìkejì àti ìkẹta dọ́gba. Tí olùwà tó wà níwájú bá ti gba “a”, àbọ̀ tó wà lẹ́yìn gbọ́dọ̀ gba tiẹ̀. Ó tún kù. “Police not sure” ṣeé kọ, àmọ́ “Police not know” ò ṣeé kọ, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ “do not know”. Wọ́n ń yọ “are”, wọn kì í yọ “do”. Bàbá, ṣé ìwé òfin kan wà níléeṣẹ́ yín tó kọ ìyẹn sílẹ̀?

Alàgbà Sọ́bù
Kò sí. Ìwé òfin tiwa, bí a ṣe ń kọ oyè àti orúkọ ìlú ló wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní èyí tó o sọ yìí, mi ò sì kọ “Police not know” rí láyé mi.

Adéwálé
Ohun tí mò ń wí nìyẹn. Òfin tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ yín, tẹ́ ẹ sì ń pa mọ́, kí là ń pè é bí kò ṣe gírámà? Láti 1935 ni Heinrich Straumann ti kọ odindi ìwé lórí gírámà àkọlé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì.

Kúnlé Àkúrẹ́
“A man bites dog” wà káàkiri orí fóònù mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i.

Adéwálé
Àwọn ta ló kọ ọ́? Àwa náà ni. Èdè tiwa ò ní “a” àti “the”, a sì máa ń gbàgbé wọn níbikíbi tó bá wù wá. Ìyẹn yàtọ̀ sí kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ yọ wọ́n. Tíṣà, ohun tẹ́ ẹ lè fi dá wọn mọ̀ nìyí: tí ọmọ bá fi ti iwájú sílẹ̀ tó wá yọ ti ẹ̀yìn, kì í ṣe ìwé ìròyìn ló ti kọ́ ọ, kò tíì mọ ibi tó yẹ kó fi í sí ni.

Kúnlé Àkúrẹ́
Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, etí ta la wá ń fi ṣe ìdájọ́? Etí òyìnbó? Àwọn tó ń kọ àkọlé ní Nàìjíríà, tí àwọn tó ń kà á sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ṣé wọn ò lè ní ìlànà tiwọn ni?

Adéwálé
Ìbéèrè gidi nìyẹn. Mi ò ní já yín níyàn lórí ẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà
Yorùbá náà ń yọ ọ̀rọ̀ o. “Ọlọ́pàá mú olè mẹ́ta.” Níbo ni “ti” wà?

Nọ́ọ̀sì Mánṣẹ́sítà
Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, wọn ò yọ nǹkan kan. Tí mo bá ń bá màmá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ náà ni mo máa wí i, “ọlọ́pàá mú olè mẹ́ta ládùúgbò wa lánàá.” Ó ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa sọ “Police arrest three thieves yesterday” fún ìyá ẹ̀. Kódà nínú àkọlé, “yesterday” yẹn ò bá a mu.

Alàgbà Sọ́bù
Òótọ́ ni. A kì í fi yesterday sí i. Ti Yorùbá sì rèé, ẹ wo Aláròyé, àkọlé wọn gùn bí ìtàn, “o” á tún wà níbẹ̀. Àwọn ò gé nǹkan kan.

Tíṣà Òṣogbo
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Bírò pupa mi ò ní kúrò lórí lẹ́tà yẹn, torí WAEC ò ní fojú fo irú ẹ̀ nínú lẹ́tà, máàkì ni wọ́n máa yọ. Ṣùgbọ́n mo máa kọ gbólóhùn mẹ́ta Adéwálé sójú pátákó, káwọn ọmọ fúnra wọn sọ èyí tí kò dáa, kí n tó la ẹnu.

Kúnlé Àkúrẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá sọ iye ọmọ tó mú ìkẹta. Tí ìdajì wọn bá ní ó dáa, èmi ni mo jàre.

Adéwálé
Tí ìdajì bá ní ó dáa, á jẹ́ pé a máa bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn míì nìyẹn.