Báwo ni mo ṣe lè ka kálórì màmá mi nínú abọ́ àjọjẹ?

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Dókítà ní kí màmá mi máa ka kálórì oúnjẹ wọn nítorí ìtọ̀ ṣúgà, ṣùgbọ́n abọ́ kan náà ni àwọn àti ọmọọmọ wọn mẹ́ta ti jọ ń jẹun. Adùn ọjọ́ ogbó wọn nìyẹn, n kò fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀bà kò nira. Mo máa ń wọn gàrí 400 gíráàmù kí n tó tẹ̀ ẹ́, ìyẹn sì tó nǹkan bíi 1,400 kálórì. Bí mo bá gé ìdá mẹ́rin sí ọ̀dọ̀ màmá, 350 nìyẹn. Ẹja náà, ẹyọ ẹyọ ni mo ń pín in.

Ọbẹ̀ ni ìṣòro mi. Ṣíbí ìjẹun epo pupa kan tó 120 kálórì, epo sì máa ń léfòó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ki òkèlè bọ̀ ọ́ ló ń kó o jù. Mo gbé abọ́ ọbẹ̀ ka òṣùwọ̀n ṣáájú oúnjẹ àti lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ àpapọ̀ ohun tí gbogbo wọn jẹ nìkan nìyẹn ń sọ.

Ọ̀nà wo ni mo lè gbà ṣírò ọbẹ̀ tí màmá nìkan jẹ, láìya abọ́ wọn sọ́tọ̀?

Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú.