Pípa ìwé oṣù dé: orúkọ wo ló yẹ àkírúàlì?

Akọ̀wé, Àkúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé iṣẹ́ tó ń ra kòkó ni mo wà. Oṣù tuntun á ti pé ọjọ́ mẹ́rìnlá kí a tó parí ìwé oṣù tó ti lọ. Ọ̀gá wa fẹ́ kó máa parí ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n sì ní kí n kọ ìtọ́sọ́nà ní Yorùbá fún àwọn sítọ́kípà àti akọ̀wé. Kí ni kí n pe àkírúàlì, iye tí a máa ń kọ sílẹ̀ ní ìparí oṣù kí bíìlì tó dé? Mo fẹ́ kọ "owó àsanṣáájú". Rẹkọ́nsílíéṣọ̀n ńkọ́, tí a fi ń wo ìwé wa mọ́ ti báǹkì, ṣé "ìlàjà" dáa?

Tísà, Oǹdó

Ọmọ mi, má kọ àsanṣáájú. Ẹni tó san owó ilé ọdún kan ló san ṣáájú: owó ti jáde, kò sì tíì gbé ilé náà tán. Ohun tí ò ń sọ yìí, ẹ ti jẹ ẹ́, ẹ ti lò ó, owó ni kò tíì jáde. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún un tipẹ́: àjẹsílẹ̀. Gbèsè àjẹsílẹ̀ ni kí o kọ.

Ìlàjà kò bá a mu rárá. Àwọn tó ń jà là ń là. Kọ "ìfiwéra".

Ẹ̀gbọ́n Akáǹtì, Alágbàka

Tísà, ẹ kú làákàyè. Bí ẹ ṣe yọ àsanṣáájú kúrò dára púpọ̀, nítorí ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ akọ̀wé á rí i pé wọ́n ń kọ owó náà sí apá òdì. Àmọ́ àjẹsílẹ̀ nìkan ti fẹ̀ jù. Tí oníṣòwò bá ti gbé bíìlì wá, tí a sì ti kọ ọ́ sí orúkọ rẹ̀, àjẹsílẹ̀ náà nìyẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe àkírúàlì. Àkírúàlì ni èyí tí bíìlì rẹ̀ kò tíì dé. Tí akọ̀wé kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò kọ gbèsè kan ṣoṣo.

Ibẹ̀ gan-an sì ni ọjọ́ mẹ́rìnlá yín ti ń lọ, Akọ̀wé. Tí sítọ́ọ̀, ọjà rírà àti lẹ́jà, ìyẹn ìwé àkáǹtì àpapọ̀ yín, bá wà nínú ètò kọ̀ǹpútà kan náà, ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ká sọ pé ẹgbẹ̀rún kan àpò ìdọ̀họ dé ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án, ní ₦1,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sítọ́kípà gbà á wọlé lórí kọ̀ǹpútà. Lójú ẹsẹ̀, ètò náà fi ₦1,500,000 kún ọjà inú sítọ́ọ̀, ó sì kọ iye kan náà sí àkáǹtì tí a yà sọ́tọ̀ fún ọjà tó ti dé tí bíìlì rẹ̀ kò tíì dé. Ẹ̀rọ ti ṣe àkírúàlì náà fún yín, ẹnikẹ́ni kò sọ fún un.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá, akọ̀wé kan nínú ọ́fíìsì ránṣẹ́ sí oníṣòwò àpò, ó gbọ́ pé kò tíì fi bíìlì ránṣẹ́, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìnáwó ₦1,500,000 àti gbèsè ₦1,500,000. Ẹ wò ó: àpò kan náà ti di ọjà nínú sítọ́ọ̀, ó tún ti di ìnáwó. Gbèsè ti di mílíọ̀nù mẹ́ta. Èrè oṣù náà fi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dínkù, ọ̀gá yín á sì máa béèrè ẹni tó jẹ owó. Bí a ṣe ń mọ̀ ni pé iye kan náà, fún oníṣòwò kan náà, á jókòó sínú àkáǹtì gbèsè méjì.

Nítorí náà, ohun tó ní ìwé àṣẹ ọjà rírà tí sítọ́kípà sì ti gbà wọlé, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kọ àkírúàlì rẹ̀. Àwọn tí kì í gba sítọ́ọ̀ kọjá ni kí ẹ fọwọ́ kọ: iná, owó ọlọ́dẹ, lọ́yà, owó ọkọ̀ tó ti gbẹ́rù dé tí ọlọ́kọ̀ kò tíì mú ìwé wá. Ìwọ̀nyí kò pọ̀. Tí ẹ bá kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn kan náà ni yóò máa padà wá lóṣooṣù.

Ìyá Aláṣọ, Ọjà Ọba

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo yà síbẹ̀. Èmi náà ní àjẹsílẹ̀ o! Àwọn oníbàárà tó gbé aṣọ ẹbí lọ láti ìgbà ìsìnkú kan, orúkọ wọn wà nínú ìwé mi, owó kò wá. Ṣé kí èmi náà pè é ní àkírúàlì? Ní ti èkejì, àwa nínú ọjà kì í sọ pé ìfiwéra. Tí alájàpá bá mú ìwé tirẹ̀ wá, tí mo mú tèmi, a ó ní "ṣé ìwé wa bára mu?" Tí kò bá mu, a ó jókòó títí a ó fi rí ibi tó ti yà.

Ẹ̀gbọ́n Akáǹtì

Ẹ̀yin ìyá wa, ọwọ́ kejì ni tiyín. Àwọn ènìyàn ló jẹ yín, ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ wọ́n, ẹ sì ti kọ orúkọ àti iye sílẹ̀. Kì í ṣe àkírúàlì. Ṣùgbọ́n "bára mu" yín yẹn, mo gbà á ju ìfiwéra Tísà lọ. Ẹni tó fi ìwé wéra tó sì rí i pé ₦60,000 ló fi yàtọ̀, tó wá dìde, kò tíì ṣe nǹkan kan. Iṣẹ́ náà wà nínú wíwá ìdí ₦60,000 ọ̀hún.

Ẹ má sì dúró di ìparí oṣù kí ẹ tó ṣe é. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ gba àkọsílẹ̀ báǹkì, kí ẹ mú un bá ìwé yín mu títí dé ọjọ́ kẹrìnlélógún. Owó tí báǹkì yọ tí ẹ kò kọ, owó tó wọlé tí ẹ kò mọ ẹni tó san án, ìgbà yẹn ni kí ẹ máa wá a, nígbà tí àyè ṣì wà láti pe ènìyàn. Tó bá di ọjọ́ kìn-ín-ní, ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ló kù tí ẹ ó yẹ̀ wò. Bákan náà ni àkáǹtì ọjà tí bíìlì kò tíì dé. Tí iye ibẹ̀ bá wà ní apá kírẹ́díìtì, ọjà ló dé, bíìlì ni kò dé. Tó bá wà ní apá dẹ́bíìtì, bíìlì ti dé, sítọ́kípà kò tíì gba ọjà náà wọlé. Èyí kejì ni kí ẹ bá sítọ́kípà sọ kí oṣù tó parí.

Sítọ́kípà, ọ̀nà Oǹdó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ń dá sítọ́kípà lẹ́bi. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù ni ọkọ̀ kòkó ń dé nígbà mìíràn. Iná ti lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ọjọ́ kejì ni mo tó lè tẹ̀ ẹ́. Oṣù wo ló jẹ́?

Ẹ̀gbọ́n Akáǹtì

Oṣù tí ẹrù wọ ọgbà yín. Kọ ọjọ́ àti aago sára wébíìlì nígbà tí o bá ń fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ kejì, fi ọjọ́ tó wà lára wébíìlì gbà á wọlé, má fi ọjọ́ tí o tẹ̀ ẹ́. Kí èyí tó lè ṣeé ṣe, ètò náà gbọ́dọ̀ ṣì ṣí oṣù àtijọ́ sílẹ̀ fún sítọ́ọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń tì í ní ìpele: sítọ́ọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kìn-ín-ní, gbèsè àwọn oníṣòwò ní ọjọ́ kejì, lẹ́jà ní ìkẹyìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ti lẹ́jà, gbogbo ohun tí sítọ́kípà bá tẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lè bọ́ sínú oṣù tuntun, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀.

Sítọ́kípà

Ọ̀sán ọjọ́ kìn-ín-ní kò ṣeé ṣe fún wa lásìkò kòkó. Ẹ máa fún wa di alẹ́.

Akọ̀wé

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ti iná ló ń dà wá láàmú. A kọ àkírúàlì iná ₦800,000 fún oṣù kẹsàn-án. Ní oṣù kẹwàá, àkáǹtì iná fi ₦1,630,000 hàn, ó dà bíi pé a lo iná ìlọ́po méjì.

Ẹ̀gbọ́n Akáǹtì

Ẹ kò yí i padà, Akọ̀wé. Bíìlì oṣù kẹsàn-án dé ní ₦830,000, ẹ kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ẹ kọ ₦800,000 ti oṣù kẹwàá. Àpapọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ló yẹ kí ẹ ti yí àkírúàlì oṣù kẹsàn-án padà, ₦800,000 kúrò lára ìnáwó, ₦800,000 kúrò lára gbèsè. Àkáǹtì iná á fi òdì hàn fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Tí bíìlì ₦830,000 bá dé, ₦30,000 nìkan ló kù nínú oṣù kẹwàá fún ohun tí ẹ ṣì bù, òun pẹ̀lú ₦800,000 ti oṣù náà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ló lè yí i padà fúnra wọn bí ẹ bá fi ọjọ́ ìyípadà sí i nígbà tí ẹ ń kọ ọ́. Ẹ sì máa ka mítà ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù, kí ẹ yọ iye tí ẹ kà ní ìparí oṣù tó ṣáájú kúrò, kí ẹ sì fi iye owó ìdíwọ̀n kan sọ èyí tó kù di púpọ̀. Ẹni tó kàn ń kọ iye oṣù tó kọjá kò bù ú, ó dà á kọ ni.

Tísà

Ẹ ẹ̀ rí i pé ẹ ti sọ "bù" báyìí. Àfojúbù ni mo fẹ́ kó jẹ́, nígbà náà: gbèsè àfojúbù.

Ẹ̀gbọ́n Akáǹtì

Rárá, sà. Owó ọlọ́dẹ ₦120,000 lóṣù, tó wà nínú àdéhùn, kò sí àfojúbù kankan níbẹ̀, síbẹ̀ àkírúàlì ni tí bíìlì kò bá tíì dé. Ọ̀rọ̀ bíìlì ni kí ẹ fi sínú orúkọ rẹ̀. "Àjẹsílẹ̀ aláìníbíìlì" ni èmi máa kọ.

Tísà

Ó gùn. Bíìlì kì í sì ṣe Yorùbá.

Ìyá Aláṣọ

Tísà, ta ni kò mọ bíìlì ní Àkúrẹ́?

Akọ̀wé

Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé iṣẹ́ náà báyìí. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́, orúkọ ẹni tó ni ín, ọjọ́ àti aago, àti ohun tó máa fi hàn pé ó ti parí. "Bá báǹkì mu, títí dé ọjọ́ kẹrìnlélógún, ìwé ìyàtọ̀ wà nínú fáìlì, ìlà kọ̀ọ̀kan ní ìdí." "Ka mítà. Fọ́tò rẹ̀ wà." "Wo bóyá gbogbo àkírúàlì oṣù tó kọjá ti yí padà. Àkáǹtì náà kò ní ohun àtijọ́ nínú." Ní ibi sítọ́ọ̀ mo ṣì fi àyè sílẹ̀, ọ̀sán tàbí alẹ́, títí ọ̀gá máa fi dá sí i. Mo kọ "àjẹsílẹ̀ aláìníbíìlì" sórí ìlà, mo sì fi "àkírúàlì" sábẹ́ rẹ̀. Ṣé iye kan wà tó kéré jù láti kọ? Ẹnìkan fẹ́ kọ ti omi mímu, ₦4,500.

Ẹ̀gbọ́n Akáǹtì

Ẹ fi òpin kan sí i, kí ọ̀gá fọwọ́ sí i, kí ẹ má sì máa yí i lóṣooṣù. Ní ọ́fíìsì wa, ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ ₦50,000 ń dúró de bíìlì rẹ̀. Ẹ fi ti omi sílẹ̀.