Oṣù mẹ́rin lórí oògùn ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa ṣì kéré: ṣé talasíímíà ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀. Iléṣà ni mo ti ń kọ̀wé. Àbúrò mi obìnrin ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí èédú, síbẹ̀ èsì kò yí padà. Himogilóbíìnì rẹ̀ jẹ́ 11.2. MCV, ìyẹn bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe tóbi tó, jẹ́ 68, bẹ́ẹ̀ 80 ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ní irin ló ṣàìtó. Òótọ́ ni pé àìtó irin máa ń sọ sẹ́ẹ̀lì di kékeré, ṣùgbọ́n àìtó gílóbíìnì, purotéènì tó ń bá irin para pọ̀ di himogilóbíìnì, náà ń ṣe é, ìyẹn ni talasíímíà tí wọ́n ń jogún: tí sìmẹ́ǹtì bá tán tàbí tí iyanrìn bá tán, búlọ́ọ̀kù ò ní jáde dáadáa. Ohun tó ń rú mi lójú ni pé iye sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ga, mílíọ̀nù 5.7. Tí mo bá fi 5.7 pín 68, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12. Mo gbọ́ pé ohun tó bá wà lábẹ́ 13 ń tọ́ka sí talasíímíà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀rí tó dájú. Fẹ́rítìn rẹ̀, tó ń fi irin tó wà nípamọ́ lára hàn, sì jẹ́ 64, irin wà nílẹ̀.

HbA2 rẹ̀, ìyẹn oríṣi himogilóbíìnì kan, jẹ́ 2.5%. Ẹni tó bá gbé talasíímíà oríṣi bẹ́tà sára, tirẹ̀ sábà máa ń kọjá 3.5%. Ti oríṣi álífà kì í ga, èsì rẹ̀ á kàn dà bíi ti ẹni tí kò ní nǹkan kan. Ṣé álífà nìyí? Ṣé àyẹ̀wò jíìnì nìkan ló lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀? Ṣé ká dá oògùn náà dúró báyìí, àbí ká kọ́kọ́ rí dókítà ẹ̀jẹ̀?