Mo fẹ́ san owó páálí 40 sílẹ̀, báwo ni mo ṣe máa gbé e kalẹ̀ fún Alhaji?

Ìyá Tọ́lá: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ike tékáwéè ni mò ń tà ní Múṣin, ọ̀dọ̀ Alhaji ní Ìdúmọ̀tà ni mo ti ń kó o. Páálí 10 ni mò ń gbé lọ́sẹ̀, ₦18,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ san owó 40 lẹ́ẹ̀kan kí Alhaji já a sí ₦17,000. Tí mo bá ti ní "ẹ bá mi yọ nǹkan", ẹ̀rín ló máa ń rín. Kí ni kí n sọ?

Bàbá Ìbejì: Ẹ má gba àwìn o! Wọ́n á máa pè yín ní ìdájí.

Ìyá Tọ́lá: Bàbá, kì í ṣe àwìn. Èmi ni mo fẹ́ san sílẹ̀.

Dọ́tun: Ẹ ṣáà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ń tà á ní 16,500.

Alhaja Onínáílọ̀n: Dọ́tun, tó bá jẹ́ òótọ́ ni. Bí irọ́ bá ni, Alhaji mọ iye tí wọ́n ń tà á ní gbogbo ìlà yẹn, á ní kó lọ gbé e níbẹ̀. Ìyá Tọ́lá, lọ lọ́sàn-án tí èrò ti dín, kó o sọ pé:

"Alhaji, 10 ni mò ń gbé lọ́sẹ̀, n ò jẹ yín ní kọ́bọ̀ rí. Tí mo bá san ti 40 lónìí, tí mo wá ń gbé e ní 10, 10, èló lẹ máa ṣe é fún mi?"

Kó o wá dákẹ́. Òun ni kó kọ́kọ́ dárúkọ iye. Tó bá ní 17,500: "Ẹ ṣé. Tó bá jẹ́ 17,000, mo máa tíránsífà kí n tó dìde níbí." Tó bá kọ̀, bi í pé páálí mélòó ni ilé iṣẹ́ fi ń já owó fún òun náà. Owó tìẹ lè jẹ́ èyí tó máa jẹ́ kí páálí tòun náà pé iye yẹn.

Ìyá Tọ́lá: Màá jèrè ₦40,000 nìyẹn! Kọpurétíìfù ni màá ti yá a, náírà 5 lórí 100 lóṣù.

Alhaja Onínáílọ̀n: Dúró ná. ₦680,000 lo máa yá, èlé ẹ̀ jẹ́ 34,000. ₦6,000 ló kù fún ẹ, owó alábàárù lè gbé e lọ. Tó bá jẹ́ owó ara ẹ, ṣe é. Tó bá jẹ́ owó èlé, tí kò bá dé 16,500, fi í sílẹ̀.

Ṣèyí: Èmi san ti 60 lọ́jọ́sí. 20 àkọ́kọ́ dáa. Àwọn tó kù, páálí kan náà, orúkọ kan náà, ṣùgbọ́n bí mo ṣe fi àtàǹpàkò tẹ ìdí ike ló wọlé, ọmọrí ẹ̀ ń ya. Mo ti sanwó tán, ta ni màá bá jà?

Alhaja Onínáílọ̀n: Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wọn páálí àkọ́kọ́ lórí òṣùwọ̀n. Kí wọ́n kọ ìwọ̀n yẹn, iye, àti ọjọ́ tí wọ́n máa gbé e sí risíìtì, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé iye náà ò ní yí tọ́jà bá wọ́n.

Bàbá Ìbejì: Tí owó ọjà bá wá já ńkọ́?

Alhaja Onínáílọ̀n: Ó kù sí ẹ̀rí ọkàn Alhaji nìyẹn. Èmi ò rí ẹni tó dá owó padà fún mi rí.

Ìyá Tọ́lá: Màá kọ́kọ́ san ti 20 látara owó mi lọ́jọ́bọ̀. Ṣé á gbà 17,000 fún 20?

Alhaja Onínáílọ̀n: Kò dá mi lójú. Bi í bákan náà, kó o sì dákẹ́.