Níbo lẹ ti kọ́kọ́ pàdé "slay" àti "ate", ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń yin èèyàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì? Ẹ wá sọ tiyín

Tẹ́lọ̀ Lagere: Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí. Mo máa ń gbé fídíò àwọn oníbàárà mi sórí Instagram, pàápàá àwọn ọmọ OAU tó bá fẹ́ jáde. Tẹ́lẹ̀, "ó wuyì o", "èló ni rírán ẹ̀", lẹ ó máa rí lábẹ́ ẹ̀. Ní báyìí "ate" lásán ni, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tò ó lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ fídíò ibi tí ọmọṣẹ́ mi ti ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ta ló kọ́ wọn?

Ọmọ Mayfair: Kò ní wàhálà kankan jàre. Beyoncé ló kó slay wá, orin tó gbé jáde ní oṣù kejì 2016, kó tó dìgbà yẹn mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, àfi ìgbà tó jáde tán tí gbogbo ọmọbìnrin tó bá ti kun àtíkè á ní òun ń slay. Ate ní tiẹ̀, àwọn ọmọ TikTok ló dá a sílẹ̀.

Ológe Mọ́dákẹ́kẹ́: Ìdajì lo mọ̀ níbẹ̀, àbúrò. Beyoncé gbé e káàkiri ni, kì í ṣe òun ló dá a. Iṣẹ́ méékọ́ọ̀pù lèmi ń ṣe, àwọn fídíò bọ́ọ̀lù ni mo fi kọ́ ojú kíkùn. Bọ́ọ̀lù yìí kì í ṣe ti ẹlẹ́sẹ̀ o, òde ìdíje ìwọṣọ, ìrìn àti ijó ni, ní Harlem ní New York, àwọn adúláwọ̀ àtàwọn Látínò ló ń ṣe é, àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àtàwọn tí wọ́n bí lọ́kùnrin tó ń gbé ayé obìnrin. Wọ́n lé ọ̀pọ̀ wọn jáde nílé bàbá wọn, ni wọ́n bá dá ilé tiwọn sílẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan ní ìyá, ọmọ ilé á sì máa jẹ́ orúkọ ilé bí agbolé tiwa gan-an. Crystal LaBeija ló jẹ́ ìyá ilé LaBeija ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970.

Níbi òde yẹn, wàá rìn dé iwájú àwọn adájọ́, wọ́n á gbé káàdì 10 sókè fún ẹ tàbí kí wọ́n gé ẹ dànù lójú gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá rìn débi pé kò sí àléébù tí wọ́n lè rí mú, òun ni wọ́n ń sọ pé ó slay, tàbí pé ó "ate", ìyẹn ni pé ó jẹ ẹ́, kò ṣẹ́ èérún sílẹ̀. Ìdájọ́ ni, lójú àwọn tẹ́ ẹ jọ ń díje. Nígbà tó di 2009, eré tẹlifíṣọ̀n RuPaul, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń múra bí obìnrin díje, bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn ń gé e kéékèèké sórí Twitter, àwọn obìnrin adúláwọ̀ Amẹ́ríkà náà ń sọ ọ́, TikTok wá gbé e fún ẹni tí ò mọ Harlem rárá. Ẹ wo bó ṣe ń jò lójú ọ̀nà: lákọ̀ọ́kọ́ wọ́n á sọ ẹni tó jẹ ẹ́ àti ohun tó jẹ, nígbà tó yá ohun tó jẹ bọ́ sílẹ̀, ẹni náà bọ́ sílẹ̀, ó ku "ate". Ìyẹn ni wọ́n fi lè kọ ọ́ fún ìgbálẹ̀ yín.

Ìyá Onílẹ̀kẹ̀: Ọmọ mi gbé ìlẹ̀kẹ̀ mi síta, ẹnì kan kọ "ate" síbẹ̀, èmi náà dáhùn pé àtẹ wa wà ní Ọjà Tuntun, ẹ bá ń wọlé ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wá rà á o.

Tẹ́lọ̀ Lagere: 😂😂 Màmá, ẹ jẹ ẹ́!

Ẹ̀gbọ́n Iléṣà: Tèmi ò pa mí lẹ́rìn-ín. Nílé wa níbí "slay queen" ti di èébú, ọmọbìnrin tó ń ṣe fọ́ńté tí ẹnìkan ò mọ ibi tówó ti ń wá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àǹtí wa kan lọ kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò mi, wọ́n lérò pé àwọn ń yìn ín. Ìyá ọkọ rí i.

Ọmọ Mayfair: Ẹ̀gbọ́n, ìyìn ṣáà ni.

Ológe Mọ́dákẹ́kẹ́: Ó sinmi lórí ẹni tó kà á. Ohun tó ń dùn mí nìyí: mo rí fídíò ọmọkùnrin kan tó wé gèlè, tó ń rìn bí ìyàwó. Ẹnì kan kọ "ate" síbẹ̀, ẹni tó tẹ̀ lé e ṣépè fún un. Mo tẹ orúkọ ẹni tó ṣépè, mo bá "slay" lábẹ́ fọ́tò ọ̀rẹ́ ẹ̀.

Ọmọ Mayfair: Hmm. Ṣé kí n má kọ ọ́ mọ́ ni? Èmi ò ṣépè fún ẹnikẹ́ni.

Ológe Mọ́dákẹ́kẹ́: Mi ò sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Iléṣà: Ẹ dákun, kí ni kí n sọ fún ìyá ọkọ? Inú ṣì ń bí wọn.

Ológe Mọ́dákẹ́kẹ́: Ẹ wo emójì tí àǹtí fi sẹ́yìn ẹ̀. Tó bá jẹ́ iná tàbí adé, ẹ fi hàn wọ́n, ìyìn ni.

Ẹ̀gbọ́n Iléṣà: Wọn ò fi nǹkan kan sí i o. Fúúsítọ́ọ̀pù ni wọ́n fi parí ẹ̀.