Àbọ̀: ìlà dúdú tó ń rìn nínú fídíò, ojútùú rèé

Ìbéèrè mi: “Ìlà dúdú ń rìn nínú fídíò tí mo yà lábẹ́ iná fuloresẹ́ǹtì, àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá, ṣọ́tà 1/60. Mi ò lè tún un yà. Kí ni ṣíṣe?”

Ó ti lọ, àfi níbì kan. Ẹ ṣeun.

`deflicker` inú ffmpeg ò ràn án, torí gbogbo àwòrán ló ń mú dọ́gba, apá kan péré ló sì ṣókùnkùn nínú tèmi. Ẹni tó ní kí n gbé ẹ̀dà kan lé fídíò náà lórí, kí n sún un ní àwòrán kan, kí ó sì hàn ní ìdajì, sún mọ́ ọn gan-an. Ìlà náà kàn rẹ̀ sí i ni. Àwòrán mẹ́ta ló yẹ. Iná 50 Hz máa ń ṣẹ́jú nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá; fi 30 pín in, ó di ìgbà mẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́ta fún àwòrán kan. Ìdá yẹn ló ń sún ìlà, torí náà á padà síbi tó wà lẹ́yìn àwòrán mẹ́ta. Pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, òkùnkùn á ká kiri dọ́gba:

```
ffmpeg -i a.mp4 -vf tmix=frames=3 -c:a copy b.mp4
```

Ohun tó bá ń yára rìn á ní òjìji lẹ́yìn. Ìyẹn ṣì kù.

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n pààrọ̀ gílóòbù, fídíò ti wà nílẹ̀ o! Ẹni tí kò tíì yà tiẹ̀ ní 50 Hz, kó gbé ṣọ́tà sí 1/50 tàbí 1/100.