Òróró fráyà mi ń dúdú kí ọ̀sẹ̀ tó dé ìdajì

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ káalẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ, ẹ gbà mí. Fráyà kan ṣoṣo la ní ní ṣọ́ọ̀bù, lítà 16 ló ń gbà. Inú ẹ̀ la ti ń din àkàrà láàárọ̀, adìẹ àti dòdò lọ́sàn-án, ẹja nírọ̀lẹ́. Pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù ò ní àkókò tiẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá béèrè là ń dín in. Ọjọ́ Ajé ni mo máa ń da òróró tuntun sí i, tẹ́lẹ̀ ó máa ń gbé wa dé Àbámẹ́ta. Ní báyìí, kó tó di Ọjọ́rú ó ti dúdú, ó ń yọ ìfófòó, pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù sì ń rùn bí ẹja. Ṣé ayédèrú òróró ni wọ́n ń tà fún mi ni, àbí kí n máa pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀? Owó òróró ò ṣeé fọwọ́ kàn mọ́.

Bọ̀dá Oníbúkà, Hiúsítọ̀nù: Ìyá Ìbejì, àwọ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. Bó bá ti dúdú bíi kọfí tí ò ní mílíìkì, ẹ dà á nù. Àwa níbí, ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta là ń pààrọ̀ tiwa, iná 350 la sì fi ń din gbogbo nǹkan. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, ẹ ṣáà máa bu tuntun lé e láràárọ̀.

Àǹtí Ìbàdàn, Dọ́bílìn: Dókítà ní kí n dín epo pupa kù nítorí ọkàn mi. Èwo ló dára jù fún ara, òróró ẹ̀pà ni àbí ti ólífì?

Ẹ̀gbọ́n Alásè, Mansẹ́sítà: Àǹtí wa, dókítà yín ló lè dá yín lóhùn ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń dín nǹkan tà gbọ́ o: bẹ́ ẹ bá ń lo òróró ẹ̀pà nílùú yìí, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oníbàárà mọ̀, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n ti sẹ́ mọ́ tónítóní, torí ara àwọn kan kì í gba ẹ̀pà rárá.

Ìyá Ìbejì, 350 tí Bọ̀dá wí, ti Fárẹ́náítì ni. Nínú Sẹ́lísíọ́ọ̀sì tiwa, nǹkan bíi 177 ni. Ẹ má tíì bẹ oníṣọ́ọ̀bù òróró wí. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi: ṣé ẹ ti ki tẹmómítà bọ òróró yẹn rí? Mi ò sọ nọ́ńbà tó wà lára bọ́tìnì o, tẹmómítà tó ní ọ̀pá tí à ń tì bọ inú oúnjẹ ni mò ń sọ, èyí tó lè ka tó 250. Ẹ tan fráyà, kí iná ẹ̀ kú kó tún jó lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kó lè fara balẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ki ọ̀pá náà sáàárín òróró, kó má kan irin tó ń gbóná, kó má sì kan ara ìkòkò. Ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún wa.

Ọmọ Èkìtì, Lídìsì: Ẹ kú iṣẹ́, màmá. Ṣọ́ọ̀bù ẹja àti ṣípìsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ṣé ẹ máa ń sẹ́ ẹ lálaalẹ́? Ẹ̀rún àkàrà ò dáa rárá. Ó máa ń rì sísàlẹ̀, á máa jóná níbẹ̀ títí, òróró á sì máa korò.

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ ṣé o. Mo ti wọ̀n ọ́n láàárọ̀ yìí. Bọ́tìnì wà lórí 175, tẹmómítà ka 194! Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, 194 náà ni. Ní ti sísẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni, nígbà tí mo bá fẹ́ fọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n Alásè, Mansẹ́sítà: A ti rí olè náà. Bí òróró bá fi nǹkan bíi 10 gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, bó ṣe ń yára bàjẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ìṣirò ojú ni àwa tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó sún mọ́ òtítọ́. Tiyín ti fi 19 lé, ẹ ò wá rí i pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lẹ fi ń ṣe é lọ́jọ́ mélòó kan.

Ẹ pa fráyà, kó tutù, kẹ́ ẹ da òróró kúrò, kẹ́ ẹ wo inú. Ẹ máa rí ọ̀pá tín-ín-rín kan tó sún mọ́ irin gbígbóná. Òun ló ń gbọ́ bí òróró ṣe gbóná tó, òun ló ń sọ fún iná pé ó tó. Bí èèpá dúdú bá ti bò ó, kò ní tètè gbọ́, iná á ti kọjá kó tó mọ̀. Ẹ bu omi sí fráyà, ẹ fi oògùn ìfọfráyà sí i bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára agolo, ẹ jẹ́ kó rọra hó, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ nù ún. Ẹ má fi irin họ ọ̀pá yẹn o, ó máa ń tètè tẹ̀. Ẹ ṣan án dáadáa, kẹ́ ẹ fi omi tí ẹ fi fínígà díẹ̀ sí ṣan án kẹ́yìn, torí bí oògùn yẹn bá ṣẹ́ kù, ìfófòó ló máa ń fà. Kẹ́ ẹ wá nu ún gbẹ, kí ẹ̀kán omi kankan má kù kí òróró tó wọlé.

Bọ̀dá Oníbúkà, Hiúsítọ̀nù: Ẹ̀gbọ́n, mo gba ti tẹmómítà. Ṣùgbọ́n kí ló dé tẹ́ ò sọ nǹkan kan lórí àwọ̀?

Ẹ̀gbọ́n Alásè, Mansẹ́sítà: Àwọ̀ máa ń tan èèyàn ni, Bọ̀dá. Ṣúgà inú dòdò àti pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, ata inú àkàrà, gbogbo wọn ló ń pa òróró láró kó tó bàjẹ́. Mo ti rí òróró dúdú tó ṣì dára, mo sì ti rí èyí tó mọ́ lójú tó ti kú. Ohun tí mo máa ń wò ni pé: ṣé ó ń rú èéfín lórí iná 175, nígbà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀? Bí ẹ bá gbé agbọ̀n sókè, ṣé ìfófòó yẹn rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àbí ó kéré wínníwínní, ó ń gùn sókè, kò sì fẹ́ lọ? Ìfófòó ńlá tó ń kú kíá, omi inú oúnjẹ ni. Wínníwínní tó bá dúró, òróró ló ti ṣá. Ẹ wo bó ṣe ń kán láti ara agbọ̀n náà, bóyá ó ti ń fà. Ẹ tọ́ dòdò wò: bó bá ti pọ́n lóde tí inú ò tíì rọ̀, tàbí tó mu òróró yó, àsìkò ti tó láti dà á nù.

Mítà kan wà tí wọ́n ń tì bọ òróró, á kọ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tó ti bàjẹ́ síta. Faransé àti Bẹ́líjíọ́ọ̀mù ò fẹ́ kó kọjá 25, àwọn Jámánì dúró sórí 24. Níbí kò sí nọ́ńbà kan pàtó nínú òfin, àmọ́ 24 ni èmi fi ń ṣe òdiwọ̀n. Mítà náà wọ́n díẹ̀, fráyà kan ò tó nǹkan tí à ń torí ẹ̀ rà á.

Ti bíbu tuntun lé e, ìdajì òótọ́ ni. Ká ní fráyà lítà 16 ń pàdánù lítà mẹ́ta lójúmọ́ sínú oúnjẹ, tẹ́ ẹ sì ń dá mẹ́ta padà lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti sẹ́ ẹ, iye tẹ́ ẹ bù sí i láàárín ọjọ́ márùn-ún á fẹ́rẹ̀ẹ́ kún fráyà. Ìyẹn ń ran òróró tó ṣì dára lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá bu tuntun lé èyí tó ti bàjẹ́, tuntun yẹn náà á bá a lọ.

Ọmọ Èkìtì, Lídìsì: Àwa ò dúró kó tutù ká tó sẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ wa ń fà á gba inú bébà nígbà tó ṣì gbóná bíi 150. Ó máa ń yára, ẹ̀rún kì í sì í ráyè kọjá.

Ẹ̀gbọ́n Alásè, Mansẹ́sítà: Ẹ̀rọ yín ní páǹpù àti páìpù, ọmọ mi. Ìyá Ìbejì á fi ọwọ́ da tiẹ̀ ni, ẹ má kọ́ ọ ní nǹkan tó lè bó o lára. Kó tutù wá sí bíi 60 kó tó gbé e, kí asẹ́ bébà wà lórí ìkòkò irin tí kì í dípẹtà. Bó bá tutù pátá ó máa ń nípọn, kò ní kọjá bébà kíá. Kí ẹ sì máa fi asẹ́ kékeré kó ẹ̀rún lẹ́yìn gbogbo ìdín àkàrà, ẹ má jẹ́ kó di alẹ́.

Ọ̀rọ̀ kejì, ẹ tò ó: àkàrà àti pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù kọ́kọ́, adìẹ, kí ẹja gbẹ̀yìn. Bó bá ṣeé ṣe, kí ẹja ní fráyà kékeré tiẹ̀, torí òórùn nìkan kọ́ ló ń kó ran oúnjẹ yòókù. Ẹni tí ara ẹ̀ ò gba ẹja lè ra pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù. Bí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ yín, ẹ sọ fún wọn pé inú òróró kan náà ni.

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù: Ọlọ́run á san án fún yín. Mo fọ ọ́, ọ̀pá yẹn dúdú bí èédú. Ní báyìí, bọ́tìnì 175, tẹmómítà 181. Mo ti pe ẹlẹ́ńjìnnì fún ìyókù, mo fi máàkà sàmì síbi tí 175 gangan wà. Àmọ́ ẹ gbọ́: bí a bá da adìẹ inú fíríìsà kún agbọ̀n, òróró máa ń tutù wá sí 140, ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ a wá yí iná sókè.

Ẹ̀gbọ́n Alásè, Mansẹ́sítà: Ẹ sọ fún un kó fi bọ́tìnì sílẹ̀. Fráyà kì í yára torí pé a yí bọ́tìnì, bó ṣe ń gbóná náà ló ń gbóná; ṣùgbọ́n bí adìẹ bá jáde, ó máa ń ré kọjá. Fún lítà 16, kó má ju kílò méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Kí adìẹ yọ́ sínú fíríìjì lálẹ́, kẹ́ ẹ nu omi ara ẹ̀ kúrò. Iyọ̀ ẹ̀yìn ìdín ni, kì í sì í ṣe orí fráyà la ti ń wọ́n ọn. Bí kò bá sí oníbàárà, ẹ fà á wá sí 130, kẹ́ ẹ dé e.

Bọ̀dá Oníbúkà, Hiúsítọ̀nù: Lálẹ́ ńkọ́? Inú jálá ni mo máa ń dà á padà sí.

Ẹ̀gbọ́n Alásè, Mansẹ́sítà: Inú fráyà tó mọ́ tàbí ìkòkò irin tí kì í dípẹtà, pẹ̀lú ìdérí, níbi tí oòrùn ò dé. Má ṣe lo bàbà tàbí idẹ, wọ́n ń mú kó tètè kan. Jálá tó mọ́lẹ̀ kedere lójú fèrèsé ò dáa.

Ọmọ Èkìtì, Lídìsì: Lúbúlúbú tí wọ́n fi ń sẹ́ òróró ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Ọ̀gá mi ní ó ń fi ọjọ́ méjì kún un.

Ẹ̀gbọ́n Alásè, Mansẹ́sítà: Ó ń fa kíkan kúrò, mo ti rí i. Bóyá owó òróró tó ń gbà là tó owó tiẹ̀ fún fráyà kan, ìyẹn ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Àǹtí Ìbàdàn, Dọ́bílìn: Èyí tó ti bàjẹ́, ṣé mo lè dà á sí síǹkì pẹ̀lú omi gbígbóná?

Ọmọ Èkìtì, Lídìsì: Rárá o, Àǹtí. Á dì nísàlẹ̀ páìpù. Òkìtì ọ̀rá tí wọ́n bá ní Wáítíṣápẹ̀lì ní 2017 tó tọ́ọ̀nù 130. Tilé, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ dé e sínú ike, kẹ́ ẹ béèrè ibi tí káńsù yín ń gbà á. Ti ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó níwèé àṣẹ ló gbọ́dọ̀ kó o, kẹ́ ẹ tọ́jú rìsíìtì tó fún yín fún ọdún méjì, torí wolé-wolé lè béèrè rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, mo gbàgbé ohun kan. Ẹ̀rún tẹ́ ẹ kó látinú àkàrà, ẹ má kó o jọ ní gbígbóná sínú báàgì ìdọ̀tí o. Bó bá ṣù pọ̀, á máa gbóná sí i fúnra rẹ̀, ó lè gbiná lẹ́yìn tí ẹ ti tìlẹ̀kùn. Ẹ tẹ́ ẹ sórí pẹrẹsẹ irin kó tutù, kẹ́ ẹ bu omi sí i, kẹ́ ẹ tó dà á nù síta. Aṣọ ìnuwọ́ tó ti mu òróró náà bẹ́ẹ̀, ẹ má ká a jọ gbígbóná látinú ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ.